Ohun Tí Ọwọ́ Ọláṣẹ̀hìndé Mọ̀

Èéfín jẹnẹrétọ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Ọláṣẹ̀hìndé, bíríkìlà, nínú ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Awoyaya. Látìgbà náà, bí Fúnláyọ̀ ìyàwó rẹ̀ bá gbé ife sókè, ọkùnrin náà kò lè sọ ohun tó jẹ́. Síbẹ̀, bó bá ní kó gbà á, yóò dì í mú níbi ìdìmú rẹ̀ gẹ́lẹ́.

"Ẹ yéé díbọ́n!" ni Fúnláyọ̀ máa ń jágbe.

Nílé ìwòsàn, dókítà fi ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan han Ọláṣẹ̀hìndé lára páálí. "Ṣé ó dúró ni àbí ó dùbúlẹ̀?" Kò mọ̀. "Ẹ ti káàdì yìí bọ̀ ọ́." Ọwọ́ rẹ̀ yí káàdì, ó wọlé wẹ́rẹ́.

Dókítà yíjú sí Fúnláyọ̀. "Ọ̀nà inú ọpọlọ tó ń fi ojú dá nǹkan mọ̀ ló bàjẹ́, ìyá. Èyí tó ń darí ọwọ́ ṣì wà."

Ojú ti Fúnláyọ̀. Ó rọra na ọwọ́ sí ọkọ rẹ̀.

"Kí nìyí?" ni Ọláṣẹ̀hìndé bi í. Ó ti dì í mú.