Ìwé tí Priscilla tò, tí wọn ò tẹ̀ lé

Gbogbo Kábà ló ń sọ pé Priscilla ló ba fíìmù Boaz jẹ́. Irọ́ gbuu ni! Èmi ni mo se oúnjẹ fún wọn lọ́jọ́ náà, ojú mi ló ṣe.

Priscilla ka ìtàn náà, ó tú u palẹ̀ ní ìran kọ̀ọ̀kan: ta ló wà níbẹ̀, aṣọ wo, irun wo. Lẹ́yìn náà ló wá kọ kọ́ọ̀lù-ṣíìtì, ìwé tó ń sọ ìgbà tí kálukú yóò dé. Delight ló ṣe opó. Ìran tí wọ́n ti fá orí rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn, àmọ́ Priscilla fi í sí ìkẹyìn iṣẹ́, torí Delight kan náà ṣì máa di irun bí ìyàwó nínú ìran tí opó ti ń rántí ìgbéyàwó rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni ìwé náà ní kí Bàbá Thomas tó máa fá orí dé. Àárọ̀ ló dé, ó ní oko Ògìdì ń dúró de òun.

Priscilla figbe ta: "Bọ̀dá Boaz, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fá a o!"

"Ṣé kí n dá àgbàlagbà dúró nítorí bébà? Bàbá, ẹ máa fá a."

Nígbà tó kan ìgbéyàwó, orí ìyàwó ń dán. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n yá kámẹ́rà, fíìmù kú síbẹ̀. Boaz wá ń sọ káàkiri pé ìwé tí Priscilla tò ni ò dáa.

Àná ni Priscilla yà lọ́dọ̀ mi. Mo ní kó lọ ṣàlàyé fún Delight, tó gba ọ̀rọ̀ Boaz gbọ́, tí kì í kí i mọ́. Ó ní, "Àǹtí, Boaz ló yẹ kó sọ ọ́. Òun ni wọ́n á gbà gbọ́, kò sì ní sọ ọ́."