Olóòtú Àgbà Ara Ògiri

Ara fu mí nígbà tí lẹ́tà náà dé. Iṣẹ́ ìwádìí mi lórí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń gbìn ní Igbayé ni mo fi ránṣẹ́ sí jọ́nà kan, ìwé tí àwọn onímọ̀ fi ń gbé ìwádìí jáde, tí mo rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní kafé ní Ìkìrun. Ọjọ́ kejì ni wọ́n fèsì pé àwọn ti gbà á, kí n tètè sanwó. Ta ló kà á? Wọn ò tún kọ́mà kan ṣe! Bẹ́ẹ̀ olùkọ́ mi ní Òkukù máa ń dá ojú-ìwé kan padà fún mi lẹ́ẹ̀mẹrin.

Mo tẹ lẹ́tà náà jáde ní kafé, mo gbé e lọ bá olùkọ́ mi. Wọ́n ní, "Wá orúkọ àwọn olóòtú jọ́nà yìí, kó o bi ọ̀kan nínú wọn bóyá ó tilẹ̀ mọ jọ́nà náà."

Mo padà sí kafé, mo da orúkọ wọn kọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹpẹtẹ! Ti olóòtú àgbà jẹ́ orúkọ ìdílé kan ní Inísà wa, ni mo bá lọ sílé lọ bi bàbá mi ibi tí mo ti lè rí ọ̀jọ̀gbọ́n náà.

Bàbá mi kàn nawọ́ sí kàlẹ́ńdà ara ògiri pálọ̀. Ibi ìsìnkú ọ̀jọ̀gbọ́n náà ni wọ́n ti pín in. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo déètì lára ẹ̀, mi ò ka orúkọ ibẹ̀ rí.

Mo tún lẹ́tà náà kà: "Olóòtú àgbà fúnra wọn ka iṣẹ́ yín lánàá, inú wọn sì dùn sí i gan-an."