Tàjùdéèn, Ẹni Tí Ń Fi Lẹ́tà Pamọ́

Àwọn àgbà ní sùúrù ni baba ìwà. Wọn ò parọ́. Ṣùgbọ́n mo rí ibi tí sùúrù ti fẹ́ẹ́ gba ìyàwó lọ́wọ́ ọkùnrin kan, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá mi ní Ifọ̀, lọ́dún 1957.

Tàjùdéèn lorúkọ rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ló ń tà ní ojú fèrèsé ní stéṣàn rélùwéè. Bí ewúrẹ́ bá dúró níwájú fèrèsé yẹn, Tàjùdéèn yóò kọ́kọ́ kí i kó tó lé e. Hàfísátù, àbúrò mi, ló fẹ́ fẹ́, Hàfísátù náà sì fẹ́ ẹ dénú. Bàbá wa nìkan ni kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sì tíì sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Bàbá wa, Bùrẹ́ímọ̀ Oníwáyà, ti fi wáyà ránṣẹ́ ní stéṣàn yẹn kan náà títí ó fi fẹ̀yìntì. Òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló fún un ní ayò kan tí wọ́n ń pè ní Skrábù. Ẹyọ igi wẹ́wẹ́ ni, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, iye máàkì rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn lẹ́tà tó pọ̀ níta, bí A àti O, máàkì kan péré ni wọ́n ń mú wá. Àwọn olóríkunkun ló níye lórí: mẹ́jọ ni J àti X, mẹ́wàá ni Z. Ojú pátákó náà sì ní àwọn ilé aláwọ̀. Òmíràn á sọ lẹ́tà di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta, òmíràn á sọ odindi ọ̀rọ̀ dà bẹ́ẹ̀. Bàbá ò ní kírun Àsárì tán kó má tẹ́ pátákó yìí sílẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí mo wà nílé, tí mò ń tọ́ ọmọ tuntun, èmi ló máa ń kọ máàkì fún wọn lára síléètì.

Gbogbo ìgbà tí Tàjùdéèn bá wá ta á ni Bàbá ń nà án. Inú mi kọ́kọ́ ń dùn. Mo rò pé ayò ń mú kí àna fẹ́ràn àna. Àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan tí mo gbọ́ tí Bàbá ń bá ìyá wa sọ̀rọ̀ nínú yàrá.

"Ọmọkùnrin yẹn ò ṣeé fọkàn tán," ni Bàbá wí.

"Kí ló ṣe?" ni ìyá wa bi í.

"Nígbà tí ayò bá parí, ẹyọ tó bá kù sí olúkúlùkù lọ́wọ́, a ó ṣí i síta. Lọ́jọ́ tó wá gbẹ̀yìn, Z ló kù sí i lọ́wọ́. Kó tó dìgbà yẹn, J. Ibi tó lè fi wọ́n sí wà gbayawu lójú pátákó, mo rí i, òun náà rí i. Ó ń fi í pamọ́ kí n lè borí. Ẹni tó lè fi igi wẹ́wẹ́ tàn mí, kí ni kò ní fi tan ọmọ mi? Kí àwọn ará Mùtàlíbù máa bọ̀ láti Owódé lọ́jọ́ Jímọ̀."

Mùtàlíbù ọ̀hún, akọ̀wé oníkòkó tí òun náà ń tọrọ àbúrò mi, Hàfísátù kì í tilẹ̀ fẹ́ẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo pọn ọmọ, mo gba stéṣàn lọ.

Tàjùdéèn gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó fọwọ́ bo ẹnu. "Àǹtí Ròkíátù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pa mí. Ṣé kí n wá na bàbá ìyàwó mi ní ojú ilé rẹ̀? Ta ló ń fún ẹni tó na òun láyò ní ọmọ?"

"Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́."

"Bí ẹ bá ṣì í gbọ́ ńkọ́?"

Inú bí mi débi pé mi ò dágbére fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ìdajì ọ̀nà, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba èmi náà. Bàbá wa kì í fẹ́ kí wọ́n borí òun. Ó lè jẹ́ pé èmi ni mo fẹ́ ti ọmọ ọlọ́mọ sínú kòtò.

Ó wá lọ́jọ́bọ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó. Hàfísátù fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń ṣa ẹ̀wà tí kò ní èérí kankan nínú. Tàjùdéèn àti Bàbá ta á. Nígbà tí ẹyọ tán nínú àpò, Bàbá ní igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, Tàjùdéèn sì ní igba ó lé mẹ́tàlélógójì. Ẹyọ kan ló kù sí Bàbá lọ́wọ́. Méjì ló kù sí Tàjùdéèn. Mo yọjú wò ó: X ni, àti V tí kò ríbi wọ̀.

Mo wo pátákó, mo sì rí ilé náà. LAND wà láàárín gbùngbùn. ROAD sọ̀ kalẹ̀ wá parí sórí D rẹ̀. RAIN sì gba orí R kọjá sápá ọ̀tún. Ilé kan ṣófo ní abẹ́ A ti RAIN, ó sì fara ti O ti ROAD. Ilé tó ń sọ lẹ́tà di ìlọ́po mẹ́ta ni. Bí X bá bọ́ síbẹ̀, yóò di OX ní ìbú, yóò di AX ní òró. Mẹ́jọ lọ́nà mẹ́ta, mẹ́rìnlélógún, a ó sì kà á lẹ́ẹ̀mejì, torí pé ọ̀rọ̀ méjì ló bí. Pẹ̀lú O àti A, àádọ́ta máàkì nìyẹn láti ara ẹyọ kan ṣoṣo.

Tàjùdéèn mú X. Ó gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ pátákó, níbi tí A kan dá wà, níbi tí yóò ti gba mẹ́sàn-án, tí yóò pàdánù jẹ́jẹ́, tí kò sì ní sẹ́ni tó máa bá X lọ́wọ́ rẹ̀. Hàfísátù dáwọ́ ẹ̀wà dúró. Bàbá ò wo pátákó rárá, ojú Tàjùdéèn ló ń wò.

Ó gbé ọwọ́ sókè padà. Ó dijú, ó fi X sí abẹ́ A.

"Àádọ́ta," ni mo wí.

Bàbá fi S rẹ̀ sí ìdí ROAD, ó di ROADS, lórí ilé tó ń sọ lẹ́tà di ìlọ́po méjì. Ó gba méje. Nítorí pé òun ló kọ́kọ́ tán, a fi mẹ́rin V kún tirẹ̀, a sì yọ mẹ́rin kúrò nínú ti Tàjùdéèn. Mo ṣírò rẹ̀, mo pa á rẹ́, mo tún un ṣe. Tàjùdéèn ló fi méjì borí.

Bàbá dìde, ó wọlé. A gbọ́ tí ilẹ̀kùn yàrá sé. Tàjùdéèn dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àga tó ṣófo, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. "Mo ti bà á jẹ́," ló ń wí. "Mo ti bà á jẹ́." Hàfísátù ti bojú. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Ìgbà tí ilẹ̀kùn tún ṣí, Bàbá ti wọ fìlà tó fi ń lọ sí Jímọ̀.

"Mò ń lọ ránṣẹ́ sí Owódé kí wọ́n má wulẹ̀ wá mọ́," ló wí. "Dìde nílẹ̀, kí o tún ẹyọ tò. Bí mo bá dé, a ó tún un ta. Lọ́jọ́ tí o bá tún fi ẹyọ kan pamọ́ fún mi, màá gba ọmọ mi padà."