Ọlọ́wọ́ Tútù àti Bándéèjì Tí Mo Fún Jù

Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, kí gbogbo bàtà tí mo bá rán láti òní lọ máa já mọ́ oníbàtà lẹ́sẹ̀ lójú títì. Mo ti búra. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í fi bàtà búra ṣeré. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń rán an, ẹnikẹ́ni ò sì kọ́ mi. Ojú ni mo fi kọ́ ọ. Ojú yẹn náà ni mo fi kọ́ irun gígẹ̀, iná mànàmáná, ìwé kíkà àti aago títúnṣe. Àwọn kan lára àwọn aago náà ṣì ń ṣiṣẹ́.

Obìnrin tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè ní Ọlọ́wọ́ Tútù. Òun ló ń di pí-ó-pì mọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó bá kán. Yàrá rẹ̀ ló kẹ́yìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ sì funfun bí ilé ìyan búrẹ́dì. Bẹ́ǹṣì gígùn kan wà níbẹ̀, báàfù omi kan, àti ayùn oníná kan tó ń gbé ara ògiri wo ènìyàn bíi ẹni pé ó mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ gbígbá ni wọ́n kọ́kọ́ gbà á fún. Lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ àga kan ṣẹ́, ó ṣa àjákù pí-ó-pì nílẹ̀, ó fi dì í. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ nígbà náà wo ẹsẹ̀ àga yẹn títí, ó ní, "Gbé ìgbálẹ̀ yẹn sílẹ̀, wá dúró síbí." Ọgbọ̀n ọdún rèé. Àga náà ṣì wà. Mo ti jókòó lórí rẹ̀, mo sì wúwo tó màlúù méjì.

Àbúrò mi ló gbé mi débẹ̀. Télọ̀ ni. Ọkùnrin kan wá wọn aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ga débi pé ẹyẹ lè sinmi léjìká rẹ̀. Télọ̀ gun àpótí láti wọn èjìká ọ̀hún, àpótí yọ̀, Télọ̀ na ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ kó má baà fi orí gúnlẹ̀. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ̀ bí ẹ̀yìn fọ́ọ̀kì. Ọwọ́ tó fi ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ ni. Ẹ bá mi rò ó: télọ̀ tí ìka rẹ̀ kò bá lè di abẹ́rẹ́ mú, kí ló kù fún un? Òun náà rò ó, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́ láti ilé dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ní géètì ilé ìwòsàn, mo gbé kẹ̀kẹ́ tí mo fi gbé e wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè mí. Ẹ̀ṣọ́ géètì ní, "Bàbá, ẹ má dúró síbẹ̀ yẹn." Ohun kan ṣoṣo tó máa ń sọ láti àárọ̀ dé alẹ́ nìyẹn, ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń pè é ní Má-dúró-síbẹ̀.

Dókítà fún un lábẹ́rẹ́ tó pa ìrora, ó fà á, ó tẹ egungun padà sáyè rẹ̀. Ó wá kan Ọlọ́wọ́ Tútù. Ó kọ́kọ́ tọ́ka sí òrùka ìka Télọ̀.

"Bọ́ ìyẹn. Ìka máa wú, òrùka kì í wú."

Wọ́n fi ọṣẹ bọ́ ọ. Ó wá ní kó tẹ ọrùn ọwọ́ sísàlẹ̀ díẹ̀, kó sì yà á díẹ̀ síhà ọmọńdinrín. "Díẹ̀ ni mo wí o, Télọ̀. Bó bá tẹ̀ jù, á fún iṣan tó ń mú ìka gbọ́ràn." Nọ́ọ̀sì kan di ọwọ́ náà mú bẹ́ẹ̀, kò gbọdọ̀ mì. Ọlọ́wọ́ Tútù wá ń yí òwú rírọ̀ mọ́ ọn, ìdajì ìyípo kọ̀ọ̀kan ń gun orí èyí tó ṣáájú, ìpele méjì, kò sí ibi tó ká pọ̀. Níbi egungun kókó tó yọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ọwọ́, ó fi kún un.

Àbúrò mi, télọ̀ ni, kò lè panu mọ́. "Màmá, òwú yìí ò pọ̀ jù? Aṣọ tó bá fẹ̀ kì í yẹ mí."

"Tó bá pọ̀ jù, egungun á máa jó nínú rẹ̀. Tí kò bá tó, egbò á yọ. Ṣé mo ti wá bá ẹ dá sí ọ̀rọ̀ kọ́là aṣọ rí?"

Ó wọn pí-ó-pì sára apá òsì tó yè, láti ìsàlẹ̀ ìgúnpá dé ibi tí ìka ti bẹ̀rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ po ní ìpele bíi mẹ́wàá. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú funfun pa. Bó bá mu omi, kò ní pẹ́ dá bí òkúta. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló fi rì í, torí omi gbígbóná máa ń mú un tètè dá, a sì máa jó ènìyàn lára. Nígbà tí kò hó mọ́, ó fún omi rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó tẹ́ ẹ sẹ́yìn apá. Àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń nù ún, kò fi orí ìka tẹ̀ ẹ́ rárá. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní ihò tí ìka bá dá sínú pí-ó-pì, egbò ni yóò dá sínú ara. Àtẹ́lẹwọ́ yẹn, bó bá fi kàn yín lára, ẹ ó rò pé inú fíríìjì ló ń gbé e sí.

Ìdajì pí-ó-pì ló ṣe fún un, kò yí i ká. Bándéèjì tó ń nà ló fi dì í mọ́ apá, ìka márààrún wà níta. "Ó máa wú lónìí àti lọ́la," ó ní. "Mo fi àyè sílẹ̀ fún wíwú yẹn. Gbé ọwọ́ sókè ju àyà lọ, má bò ó, á gbẹ fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ méjì. Bí ìrora bá ń le sí i, bí ìka bá kú, bó bá dúdú tàbí bó bá funfun, bí o bá gbóòórùn, má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Sáré wá. Ó yá, jẹ́ kí ìka jó." Télọ̀ jó ìka. A lọ sílé.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọgbọ́n mi ti ṣe mí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wo bándéèjì yẹn, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ó rọ̀, etí rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Àbúrò mi ní ó dà bí aṣọ òkú. Bàtà tó bá rọ̀ báyẹn, n kì í jẹ́ kó jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Mo tú bándéèjì, mo fà á le, mo yí i ká, mo wá fi òwú aránbàtà tí mo fi ìda pa rán etí rẹ̀ láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Ogójì ojú abẹ́rẹ́, ọ̀kan ò yẹ̀. Ó dán bíi bàtà ìyàwó. Télọ̀ yí i síwájú yí i sẹ́yìn níwájú dígí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin gan-an ló yẹ ká máa san owó ilé ìwòsàn fún."

Oòrùn ò tíì dé àtàrí nígbà tí ẹ̀rín tán. Ó kọ́kọ́ ní ó ń gún òun wínníwínní bí abẹ́rẹ́ ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà ó ní òun ò mọ ìka òun mọ́. Ìyàwó rẹ̀ tó ń rẹ́ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbé orí sókè.

"Bàbá Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe sí ọwọ́ ọkọ mi?"

"Mo tún un dì ni."

Ó rọra na ìka ọ̀hún kan ṣoṣo, Télọ̀ sì pariwo tí ògiri fi gbọ̀n. Ìka ti tóbi bí ọ̀pá àbẹ́là, ó ti dúdú bí aró. Mo gbé e lórí kẹ̀kẹ́. Mo jẹ́ ẹni àádọ́rin ọdún, ẹ gbàgbọ́, mo fi ọkọ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ní géètì, Má-dúró-síbẹ̀ la ẹnu, mo ní, "A ò ní dúró." Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, òun ló sáré tẹ̀lé wa.

Ọlọ́wọ́ Tútù wo ìránṣọ mi. Ó wò mí. "Ta ló ran bàtà sápá ọmọ yìí?" Kò dúró de èsì. Ó fi àlùmọ́gàjí gé ogójì ojú abẹ́rẹ́ mi bí ẹni ń gé ewé. Bándéèjì já. Mo rò pé ó parí. Kò parí. Ó gé òwú rírọ̀, ìpele kìíní, ìpele kejì, láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí tí a fi rí awọ. "Ohun tó bá ṣẹ́ kù lábẹ́, òun náà lè fún un pa," ó ní. "Gbogbo rẹ̀ ló ń kúrò." Ó gbé apá náà sí ọ̀gangan àyà, kò gbé e ga mọ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè dé ìka, ó rán Má-dúró-síbẹ̀ lọ pe dókítà.

A ń wo ìka márùn-ún yẹn. Omi ń kán nínú báàfù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pẹ́ jù kó tó padà, dókítà ní láti fi ọ̀bẹ ṣí apá, iṣan tó bá sì ti kú kì í jí. Ọlọ́wọ́ Tútù tẹ èékánná, ó funfun. Ó fi í sílẹ̀. Mo kà á: ení, èjì. Ó pọ́n. Dókítà dé, ó tẹ apá, ó na ìka, ó bi Télọ̀ léèrè ọ̀pọ̀ nǹkan. Wọ́n dá wa dúró títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò léraléra. Ìrora ń lọ, dúdú ń lọ.

"Ó yá," Ọlọ́wọ́ Tútù ní. "Jẹ́ kí ìka jó."

Àtàǹpàkò kọ́kọ́ mì. Ìka ìtọ́ka tẹ̀lé e. Ọmọńdinrín jó kẹ́yìn bí ọ̀lẹ tó gbọ́ pé oúnjẹ ti délẹ̀. Ìyàwó Télọ̀ bú sẹ́rìn-ín, Télọ̀ ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, èmi náà bú sẹ́rìn-ín débi pé mo fi ìdí jókòó sínú báàfù omi pí-ó-pì. Òótọ́ ni. Ṣòkòtò yẹn dá gbagidi, ó ṣì ń dá dúró fúnra rẹ̀ ní igun yàrá mi.

Wọ́n tún un dì, wọ́n ya fọ́tò egungun, kò yẹ̀. Nígbà tí wíwú lọ, Ọlọ́wọ́ Tútù yí odindi pí-ó-pì mọ́ ọn. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún Télọ̀ nínú rẹ̀. Mo fẹ́ fún un ní irin tí mo fi ń lu bàtà kó fi họ ọ́, ìyàwó rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi tì mí síta.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé. Ayùn kúrò lára ògiri. Bó ṣe ké, Télọ̀ dìde. "Màmá, ọwọ́ kan náà lẹ fẹ́ gbà là, lẹ tún fẹ́ gé?"

Ọlọ́wọ́ Tútù gbé ẹnu ayùn lé àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó kàn ń gbọ̀n níbẹ̀, kò gé e. "Kì í yí po, gbígbọ̀n ló ń gbọ̀n. Ohun tó le ló ń gé, awọ a máa bá a gbọ̀n. Bó bá gbóná, sọ fún mi kíá." Ó ń tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó ń gbé e jáde, tẹ̀, gbé, kò wọ́ ọ, torí wíwọ́ ló ń jó ara. Ó gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó fi irin là á, ó fi àlùmọ́gàjí gé òwú abẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ jáde: ó tín-ín-rín, ó gbẹ, irun kún un bíi ti ọ̀bọ. Mo ní ti ẹlòmíràn ni wọ́n fún wa.

Ọrùn ọwọ́ náà le gan-an. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Télọ̀ fi ń tẹ̀ ẹ́, tó ń nà án, tó ń fún àkísà aṣọ nínú omi wọ́ọ́rọ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó lá orí òwú, ó fi bọ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Aṣọ iṣẹ́ Ọlọ́wọ́ Tútù ló kọ́kọ́ rán. Nígbà tí obìnrin náà wọ̀ ọ́, ó ti ìka méjì bọ inú ẹnu ọwọ́ aṣọ, ó rí i pé àyè wà, ó wò mí.

"Ta ló wọn èyí?"

"Èmi kọ́," ni mo wí.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì, Má-dúró-síbẹ̀ wà láàyè, ó ṣì wà ní géètì. Ẹ bi í nípa báàfù yẹn, òun ló fà mí jáde.