Sọ̀wédowó Tó Ń Bẹ Lára Ògiri

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí Wòsílátù ṣe di akápò ẹgbẹ́ àwọn mùsùlùmí Yorùbá ní Sabon Zongo, ẹ bèèrè iye èèyàn tó mọ ìṣirò ní ìpàdé ọjọ́ náà. Òun nìkan ni. Wàrà alágolo àti ṣúgà ló ń tà ní ọjà Makola, ó sì ní ìwà kan tí kò dáa: gbogbo nǹkan ló máa ń kọ sílẹ̀. Wọ́n yàn án, wọ́n ṣàdúà fún un, nígbà tó di ọjọ́ kejì wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí i.

Ìfura náà kò rí ẹsẹ̀ dúró títí di ọjọ́ Sunday kan, tí wọ́n ń ṣèpàdé nínú ilé kéwú bí ìṣe wọn. Alhaji Hàkímù, alága, gbé ìwé tí báńkì fi ránṣẹ́ wọlé, ó ń fi í fẹ́ ara rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, ó sì kọjú sí Wòsílátù.

"Ìyá Lubabah, èló ni ìwé tìrẹ sọ pé ó kù nígbà tí oṣù parí?"

"Sídì 6,240 ni, Alhaji."

"Báńkì ní 9,105. Haba! Èwo ni ká gbà gbọ́?"

Bó bá jẹ́ pé owó ló dín, wọn ì bá pè é lólè, kí kálukú sì lọ sílé ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n owó ló lé. Wọn kò mọ orúkọ tí wọn yóò pe ìyẹn, ó sì dùn wọ́n ju olè lọ.

"Bóyá ó ń fi pamọ́ de ìgbà tá a bá gbàgbé ni," Àjọkẹ́ aláṣọ sọ fún òrùlé.

Òrùlé náà ń jò. Káfíńtà kan ní Kaneshie ti ní òun yóò gba 9,000 láti tún un ṣe. Alhaji fa ìwé sọ̀wédowó yọ, ó kọ 9,000 lórí itan rẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó sì nà án sí Wòsílátù, nítorí ọwọ́ méjì ni báńkì ń fẹ́ rí.

"Ẹ má bínú, Alhaji. N kò lè fọwọ́ sí owó tí n kò mọ ibi tó ti wá. Ẹ fún mi di Sunday tó ń bọ̀."

"Ó dáa. Bí o kò bá rí àlàyé ṣe, wàá gbé ìwé ìṣirò ẹgbẹ́ fún ẹlòmíì."

Ìwé yẹn ti ń bá a sùn, ó ń bá a jí fún ọdún mẹ́fà. Kì í ṣe ipò ló ń dùn ún. Ohun tó ń dùn ún ni pé ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí yóò gba orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn.

Ní Monday, láàárín àwọn páálí wàrà, ó tẹ́ ìwé tirẹ̀ àti ti báńkì síra. Ohun tó bá wà nínú méjèèjì, ó sàmì sí i. Ohun tó ṣẹ́ kù láìlámì kò pọ̀. Báńkì ti yọ 35 gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ tiwọn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ ẹgbẹ́ kan tó kó lọ sí Kumasi ti san 400 tààrà sínú àkáǹtì, òun náà kò sì sọ, torí kò fẹ́ ṣe ṣekárími. Òótọ́ ni méjèèjì, ìwé tirẹ̀ ni kò tíì gbọ́. Ó yọ 35, ó fi 400 kún un, ìwé tirẹ̀ di 6,605.

Ó ku báńkì. Òun fúnra rẹ̀ ti gbé 500 lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí oṣù parí, oṣù tuntun ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ó fi kún tiwọn: 9,605. Ó fi 3,000 ju tirẹ̀ lọ. Sọ̀wédowó kan ṣoṣo ni kò lámì nínú ìwé rẹ̀, 3,000 géérégé, èyí tí ẹgbẹ́ fún Àfáà Abdulqoyum, olùkọ́ ilé kéwú, lọ́jọ́ ọdún ìtúnu ààwẹ̀.

Ó gba ilé Àfáà lọ. Kò tíì jókòó tó fi rí sọ̀wédowó náà lára ògiri, nínú fírémù olómi wúrà, lábẹ́ àwòrán Mẹ́kà.

"Àfáà! Ẹ kò tíì lọ gbà á?"

"Kí n gbà á kẹ̀?" Àfáà wo ògiri bí ẹni ń wo ọmọ rẹ̀. "Ìyá Lubabah, ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń kọ́ ọmọ ní ìlú yìí. Inú ike lẹ ti máa ń sọ owó fún mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kọ orúkọ mi pé, tẹ́ ẹ tún fi *Sheikh* ṣíwájú. Bí mo bá gbé e lọ, wọ́n á gbà á, wọ́n á fún mi lówó. Kí ló wá kù?"

Wòsílátù fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú Àfáà kò fàyè gbà á. Ó ní, "Àfáà, bó bá pé oṣù mẹ́fà, báńkì kò ní gbà á mọ́. Kó tó dìgbà yẹn gan-an, Alhaji fẹ́ ná an."

Ní Sunday, Àfáà gbé fírémù náà wá sí ìpàdé lábẹ́ apá. Wòsílátù ka ìṣirò rẹ̀: 9,105 ti báńkì, ẹ fi 500 tí wọn kò tíì kọ kún un, ẹ yọ 3,000 tó wà lábẹ́ apá Àfáà, ó ku 6,605. Iye tó wà nínú ìwé òun nìyẹn.

"Ká ní mo fọwọ́ sí 9,000 yẹn ńkọ́, Alhaji?"

Alhaji ń ṣírò lórí ìka. Àfáà kò dúró dè é. "605 ni ǹ bá bá níbẹ̀," ó ní, "wọn ì bá sì dá *Sheikh* padà wálé lójú gbogbo ayé."

Alhaji fa sọ̀wédowó káfíńtà ya, ó sì ní kí Ìyá Lubabah máa bá ìwé rẹ̀ lọ.

"Mo ṣáà ti mọ̀," Àjọkẹ́ sọ fún òrùlé.

Àfáà gba owó rẹ̀ ní Monday, lẹ́yìn tó ti ṣe ẹ̀dà sọ̀wédowó náà. Ẹ̀dà yẹn ló wà nínú fírémù báyìí. Káfíńtà gba 6,000, ó tún òrùlé tó wà lórí ibi tí àwọn ọmọ ń jókòó ṣe. Apá tó ṣì ń jò bọ́ sórí àga alága gẹ́lẹ́. Wòsílátù kọ́ ló yàn án bẹ́ẹ̀. Ó kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni.