Orúkọ Mọ́kànlá Lẹ́nu Toribio

Aṣọ àwọn ọ̀gá òyìnbó ni Eduviges Lukumí ń fọ̀ létí odò ní Matánsà, ní Kúbà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi, òun ni olórí ilé ẹgbẹ́ Santa Bárbara. Àwọn ará wa tí wọ́n kó lẹ́rú wá, tí wọ́n ń pè ní Lukumí, ní ìwé àṣẹ láti lùlù níbẹ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Àwòrán Santa Bárbara, obìnrin funfun kan tó wọ aṣọ pupa, tó di idà mú, wà lára ògiri. Bí ọlọ́pàá bá dé, wọn á wò ó, wọn á ṣí fìlà, wọn á lọ. Wọn kì í ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Inú àwo ọbẹ̀ olómorí ni Ṣàngó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù náà. Yemọja àwọn Ẹ̀gbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ọ̀ṣun àwọn Ìjẹ̀ṣà wà níbẹ̀, Ọbàtálá náà wà níbẹ̀. Nílé, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú oko ìrèké, ikú kì í jẹ́ kí èèyàn pẹ́, bí ẹni kan ṣoṣo tó mọ orin òrìṣà kan bá sì kú, orin náà bá a lọ nìyẹn. Àwọn ìyá àgbà wá fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fá orí rẹ̀ fún òrìṣà, gbogbo wọn ni yóò gbà pa pọ̀. Wọn ò rí obì, wọ́n fi ègé àgbọn mẹ́rin dípò rẹ̀. Ewé tí wọn ò rí, Eduviges á wọgbó, á já òmíràn, á gbọ́ òórùn rẹ̀, á tọ́ ọ wò, á sì sọ pé, "Èyí jọ ọ́."

Ìyá tó bí Eduviges, Ṣàngótọ́lá, ló fá orí rẹ̀ nílé nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlá. Kò tó ọdún kan lẹ́yìn náà tí ogun kó ìlú wọn. Ọkùnrin kan tó fẹ́yàwó nílùú náà ló ṣílẹ̀kùn odi fún àwọn ọmọ ogun, ẹni tí ṣóńṣó etí òsì rẹ̀ ti gé. Wọ́n sun ojúbọ pẹ̀lú àwọn tó sá síbẹ̀, Ṣàngótọ́lá wà lára wọn. Eduviges rí i, kò sì gbàgbé etí yẹn.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ọkùnrin arúgbó kan tó ń jẹ́ Toribio wọlé wá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n ti ta òun náà sọ́kọ̀. Ó ní Ṣàngó ń gbé òun ṣubú nígbàkúgbà tí wọ́n bá lùlù, àìsàn ò sì fi òun sílẹ̀.

"Ẹ gbà mí, Ìyá. Wọ́n ní ẹ̀yin nìkan lẹ lè fá orí fún mi."

Eduviges wo etí rẹ̀. Ṣóńṣó ti òsì ò sí. Ó da àgbọn sílẹ̀, ó ń bẹ Ṣàngó nínú ọkàn pé kó kọ̀ ọ́. Méjì ṣí funfun, méjì dojú dé. Ó kó wọn, ó tún dà á. Bákan náà ni: Ṣàngó gbà.

"Kí lo tún ń bi í?" ni Seferina, tí í ṣe ojúgbọ̀nà rẹ̀, igbákejì rẹ̀ nídìí orò, sọ. "Ó ti sọ fún ẹ."

"Mo gbọ́."

"Ojú ẹ ò jọ ti ẹni tó gbọ́."

"Mo ní mo gbọ́, Seferina. Lọ gún ewé."

Ọjọ́ tí wọ́n gbé Toribio jókòó lórí odó, Eduviges di abẹ mú lórí rẹ̀. Kò tíì gé irun kankan. Ó ní láti kọ́kọ́ júbà àwọn òkú ilé tó bí i nínú òrìṣà, kí ẹni tí wọ́n ń fá lórí sì dáhùn.

"Ṣàngótọ́lá," ló wí.

"Ìbáyé," ni Toribio dáhùn, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ pé kó máa dáhùn sí orúkọ òkú.

"Ṣàngóníyì, ọkọ rẹ̀. Fátúmiṣe, alágbẹ̀dẹ ẹnu odi. Abọ́sẹ̀dé, tó gbọ́mọ pọ̀n wọ ojúbọ."

Toribio mọ àwọn orúkọ yẹn. Ó fẹ́ dìde, Seferina tẹ èjìká rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Dáhùn," ni Eduviges wí, jẹ́jẹ́. "Abẹ wà lórí ẹ."

"Ìyá… ta ni yín?"

"Ọmọ Ṣàngótọ́lá. Ìyá ẹ sì ni mí láti òní. Ìyá mi ti di ìyá ìyá ẹ. Dáhùn."

Orúkọ mọ́kànlá ni. Ó dáhùn mọ́kànlá, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Eduviges wá fá a mọ́ tónítóní, láì fi abẹ ya á lára.

Odidi ọdún ni Toribio fi wọ funfun, tó jẹun lórí ẹní nílẹ̀, tó ń dọ̀bálẹ̀ fún Eduviges láràárọ̀. Ara rẹ̀ yá. Ṣùgbọ́n kò lè bá òrìṣà rẹ̀ sọ̀rọ̀ láì kọ́kọ́ pe àwọn tó pa. Àwọn aládùúgbò ń gbọ́ ọ ní kùtùkùtù, tí ohùn rẹ̀ á máa já bó bá dé orúkọ Abọ́sẹ̀dé.

"Foríjì í, ó ti tó," ni Seferina wí lẹ́ẹ̀kan.

"Ṣàngó ló gbà á. Èmi ò gbà á."

Nígbà tí Toribio kú, Seferina ló ṣe ìtùtù, orò ìsìnkú olórìṣà, fún un. Ó ránṣẹ́ pe Eduviges ní ẹ̀ẹ̀mejì. Eduviges ò wá. Seferina lọ fúnra rẹ̀, ó bá a létí odò, tó ń fún aṣọ, tó ń kọrin.