Fóònù Mẹ́wàá tí Mo Yàn ní Massè

Ìwé kẹta ni mo kà dé kí n tó gba oko lọ, síbẹ̀ èmi ni ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa fi ṣe olórí ètò orí fóònù tí a fi ń pe kamíọ̀n tó ń kó ẹ̀gẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí. Ẹ béèrè mi ní Ikpinlè, wọn ò ní darúkọ ẹlòmíràn.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin, tó kàwé ní Kútọnù, ló ṣe ètò náà. Nígbà tó ṣe ọ̀nà ìpè tuntun, ó ní, "Bàbá, ó ti wà nínú fóònù gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n mo pa á. Ọwọ́ mi ni bọ́tìnì rẹ̀ wà. Èèyàn mẹ́wàá la ó kọ́kọ́ tan án fún, àwọn yòókù á ṣì máa lo ti àtijọ́. Ẹ wá àwọn tí kì í bẹ̀rù láti sọ òótọ́, láti abúlé oríṣiríṣi."

Ó kọ òfin sílẹ̀ kó tó tan án: bí ìpè bá ń kùnà lórí ẹ̀rọ ju ti àtijọ́ lọ, òun á pa á, bí èèyàn méjì péré bá sọ pé kamíọ̀n ò dé lọ́jọ́ tí fóònù wí, kí n pe òun, òun á pa á kí òun tó wá ìdí.

Inú ilé wa ní Massè ni mo ti mú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá: àwọn àbúrò mi àti ìyàwó wọn. Ta ni mo tún ń wá? Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, bí mo bá ti bi wọ́n, "A dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n" ni. Ẹ̀rọ náà ò fi àṣìṣe kankan hàn.

Ọmọ náà bi mí pé, "Bàbá, ṣé wọ́n ní kamíọ̀n dé lóòótọ́?"

"Ta ló máa purọ́ fún mi? Tan án fún gbogbo wọn."

Ó fẹ́ ká máa tan án fún abúlé kan lẹ́yìn òmíràn. Mo fi àgbà mú un. Ó tan án.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo dé ọ̀dọ̀ opó kan ní Oko-Akarè. Ó ti wú gbogbo oko rẹ̀ tán, torí fóònù ní kamíọ̀n ń bọ̀. Ẹ̀gẹ́ náà wà lẹ́bàá ọ̀nà, inú rẹ̀ ti dúdú, ó ń rùn. Kò ní oko mìíràn.

"Ẹ má bínú, bàbá," ló wí. "Bóyá èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n tẹ̀."

Mo pe ọmọ náà. Kí n tó sọ̀rọ̀ tán, ó ti pa á, ti àtijọ́ sì padà sórí gbogbo fóònù. Ó wá rí i pé ọ̀nà tuntun ń sọ fún àgbẹ̀ pé a ti gbọ́, ṣùgbọ́n ìpè ò dé ọ̀dọ̀ awakọ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ ò fi rí àṣìṣe. "Mo ti pa á, Bàbá," ló wí, "àmọ́ ìyẹn ò lè dá ẹ̀gẹ́ padà sínú ilẹ̀."

Mo gun alùpùpù lọ sí Massè. Àbúrò mi tí wọ́n bí tẹ̀lé mi tẹjú mọ́lẹ̀. "Kamíọ̀n ò dé rí, ẹ̀gbọ́n. Alùpùpù la fi ń kó tiwa. Gbogbo ọjà lẹ ti ròyìn ẹ̀ fún. Ta ló máa dìde kó ní nǹkan yín ò dáa?"

Àwọn àgbẹ̀ ti yọ ètò náà kúrò nínú fóònù wọn. Opó yẹn ti fi oko sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bi àwọn àbúrò mi bóyá àwọn èèyàn ń dá mi lẹ́bi. Wọ́n ní rárá, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Ẹnu kan náà ló ń sọ "A dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n" fún mi, mi ò mọ ohun tí mo lè fi ìdáhùn náà ṣe.